Ọmọńlé tó lé aránṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ìbẹ̀rù kan

Aránṣọ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹni ọdún 34 ni, Ìbàdàn ló ń gbé, ó sì bí ìbejì, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni màá máa pè é. Ó fọwọ́ sí i pé kí n kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, kò sọ pé ẹ̀rù ló gbé òun wá. Owó ló ń sọ. Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, aṣọ ẹbí àwùjọ mẹ́ta ló dá padà fún àwọn oníbàárà torí pé kò lè rán an tán. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni gbogbo aránṣọ ń rán aṣọ ọdún. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń tètè tì í. Kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ gbójú sókè, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àjà ọ́fíìsì mi, ó wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Nǹkan yẹn ni."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọmọńlé ni nǹkan yẹn. Kò lè fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé ilẹ̀ wa mọ̀ pé ilé tí kò ní ọmọńlé ṣọ̀wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí wọ́n tan iná, kòkòrò á rọ́ wá síbi iná, ọmọńlé á sì tọ kòkòrò lẹ́yìn. Ìyá Ìbejì mọ ìrìn wọn ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì ti to gbogbo ayé rẹ̀ láti yà fún wọn. Kì í wọ yàrá lálẹ́ àfi bí ọkọ rẹ̀ bá ti ṣáájú. Alaalẹ́ ni Bàbá Ìbejì ń mú tọ́ọ̀ṣì àti ìgbálẹ̀, tí á wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí á wá ké sí i pé, "Ìyá Ìbejì, ó ti mọ́, máa bọ̀." Ó tún máa ń fín oògùn ẹ̀fọn sára ògiri débi pé àwọn ọmọ ń wúkọ́. Ọdún 3 rèé tí obìnrin náà kò ti sun ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́jú, àwọn ẹbí ọkọ sì ti ń sọ pé ìgbéraga ló ń ṣe é. Ohun tó dùn ún jù ni pé èyí obìnrin nínú ìbejì náà, ọmọ ọdún 7, ti ń pariwo bíi tirẹ̀ bó bá rí ọmọńlé, nígbà tí èyí ọkùnrin kò kà á sí.

Ó rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ọ̀kan já láti orí àjà sọ́rùn rẹ̀ lójú oorun, tó sì kó wọ inú bùbá rẹ̀. Gbogbo ilé ló pariwo lé e lórí. Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n da omi lé e, ìyá ńlá rẹ̀ sì ń kígbe pé májèlé ni o. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dúró lé e lórí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ìbẹ̀rù yìí kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ kankan, ara wọn sì ń yá bákan náà. Ohun tó bí ẹ̀rù kọ́ ló ń bọ́ ọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, mo ní láti mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an lára ẹranko yìí. Bó bá jẹ́ pé ìdọ̀tí tàbí májèlé ló ń bẹ̀rù, tó ń fọwọ́ léraléra, tó ń da oúnjẹ nù, ọ̀nà mìíràn ni ìtọ́jú ìbá gbà. Bó bá sì jẹ́ pé àyà rẹ̀ máa ń já níbi tí kò sí ọmọńlé rárá, nínú ọkọ̀ tàbí lọ́jà, ìyẹn náà yàtọ̀. Tirẹ̀ kò sí nínú méjèèjì. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọńlé ilé wa kò ní oró, pé ìgbẹ́ wọn lásán ló lè kó kòkòrò àrùn bá oúnjẹ, tí ìdérí ìkòkò àti ọṣẹ ìfọwọ́ sì tó fún ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, mo mọ̀ pé kò lè pa mí. Ara mi ni kò mọ̀." N kò sọ̀rọ̀ májèlé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìbẹ̀rù tó bá ti wọra báyìí, àlàyé kì í lé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí a ríra, mo fa ìlà kan sórí pépà fún un. Mo ní kó sọ ìgbà tó rí ọmọńlé kẹ́yìn, kó sì fi nọ́ńbà sọ bí ẹ̀rù ṣe bà á tó, láti 0, níbi tí ara ti balẹ̀ pátápátá, dé 100, níbi tí kò ti sí èyí tó lè jù ú lọ. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló fi ìwọ̀n yìí sílẹ̀ fún wa, òun kan náà ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́ dòní. Ó ní ó ń pọn omi lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Bó ṣe rí i, ó di 90. Ó ju korobá sílẹ̀, ó sá wọlé, ó tilẹ̀kùn. Láàárín ìṣẹ́jú 2, ó ti wálẹ̀ sí 30. Mo bi í pé, "Báwo lara yín ṣe rí nígbà tó wálẹ̀?" Ó ní, "Ó tù mí."

Mo fi bírò yí ọ̀rọ̀ ìtura yẹn ká. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà kan, O. H. Mowrer, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1947 pé ẹsẹ̀ méjì ni irú ẹ̀rù yìí fi ń rìn. Ẹsẹ̀ kìíní ni ìgbà tí ara kọ́ láti bẹ̀rù nǹkan. Ẹsẹ̀ kejì ni sísá: bí a bá ti sá tí ara sì tù wá, ara gba ìtura yẹn bí ẹ̀bùn, ó sì kọ́ pé sísá ló gba òun là. Ẹ̀rí pé kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ kò délẹ̀ rí, torí pé ẹni náà kò dúró rí i. Ìyá Ìbejì, tó mọ ọ̀rọ̀ gbèsè dáadáa, ló bá mi sọ ọ́ kó yé mi sí i: "Ó dà bí ẹni yá owó èlé. Mò ń san èlé lóṣooṣù, ojú owó wà níbẹ̀." Ó ti tó ọdún 23 tó ti ń san án. Èlé náà sì ń pọ̀: ìta gbangba ló kọ́kọ́ ń yẹra fún lálẹ́, lẹ́yìn náà kíṣìnnì, lẹ́yìn náà ilé àna, ó wá kan ṣọ́ọ̀bù.

Mo wá sọ fún un pé a óò ṣe òdì-kejì sísá, díẹ̀díẹ̀, lójú ara rẹ̀, láìfi ipá mú un. Kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Ní 1924 ni Mary Cover Jones kọ bó ṣe gbé ehoro súnmọ́ ọmọdékùnrin kan tó ń bẹ̀rù rẹ̀, láti òkèèrè wá sí ẹ̀gbẹ́, títí ọmọ náà fi ń fọwọ́ kàn án. Àkàsọ̀ ni àwa náà nílò. Igi àkàsọ̀ náà ló wá di wàhálà.

Nígbà tí mo ní kó ka àwọn ohun tó ń bà á lẹ́rù láti kékeré dé ńlá, ó ní, "Gbogbo rẹ̀, 100 ni." Èyí wọ́pọ̀. Ẹni tó ti ń sá fún nǹkan fún ọdún púpọ̀ kò tíì súnmọ́ ọn tó láti mọ ìyàtọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gba 100 yẹn bẹ́ẹ̀, kò ní sí ibi tí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ lé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan kan padà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wà lára ògiri ìta, mítà 10 sí yín, lọ́sàn-án gangan, ńkọ́? Ó ronú. "Ìyẹn tó bíi 45." Bó bá wà ní mítà 3? "70." Bó bá wà lókè orí yín gẹ́lẹ́? Ó dìde dúró láti dáhùn: "Háà, ẹ jọ̀ọ́, 100!" Bó bá wà nínú ike tí wọ́n dé? "Mítà mélòó?"

Ìbéèrè tó bi mi padà yẹn dùn mọ́ mi ju ìdáhùn lọ, torí ó fi hàn pé ó ti ń wọn nǹkan. Kí a tó parí, a ti mọ ohun mẹ́rin tó ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè: bó ṣe jìnnà tó, bóyá òkè orí ló wà tàbí ẹ̀gbẹ́, bóyá ilẹ̀ ti ṣú, àti bóyá ó dá wà. Mo ti rò pé èyí tó tóbi ni yóò burú jù. Rárá o. Kékeré ló burú jù, torí ó rọrùn fún un láti wọnú aṣọ. Mo rò pé èyí tó ń sáré ni yóò burú. Rárá. "Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ ni, torí n kò mọ ìgbà tó máa gbéra." Ká ní mo fi èrò tèmi kan àkàsọ̀ náà fún un ni, igi méjì ì bá ti ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Pípe orúkọ rẹ̀ sókè ni igi ìsàlẹ̀, 15. Àwòrán tí a fi bírò yà tẹ̀ lé e ní 20, fọ́tò ní 30, fídíò lórí fóònù ní 40. Lẹ́yìn náà ni ààyè ọmọńlé nínú ike tó mọ́ gaara, ní mítà 5, 60. Lórí tábìlì iwájú rẹ̀, 75. Ó kan jíjókòó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn agogo 7 alẹ́ tí iná ń tàn, tí ọ̀kan sì wà lára ògiri: 90. Sísun ilé ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́jú ló wà lókè pátápátá. Fífọwọ́ kàn án kò sí níbẹ̀. Aṣọ ló fẹ́ rán, kì í ṣe pé ó fẹ́ sin ọmọńlé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dùn jù. Ó pe orúkọ náà nígbà 50 níwájú dígí nílé. Ó wo fídíò tí mo fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì wálẹ̀ láti 40 sí 10 láàárín ọjọ́ 3. Inú mi dùn, n kò sì bi í léèrè. Ní ìpàdé kẹta, mo ní kí wọ́n gbé ike wọlé. Ọmọńlé tí ọlọ́dẹ wa mú lára ògiri ló wà nínú rẹ̀. Ike náà dé mítà 5 sí Ìyá Ìbejì gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Nọ́ńbà tó sọ kì í ṣe 60, 95 ni, ó sì ti wà ní kọ́rídọ̀ kí n tó gbọ́ ọ tán.

Àṣìṣe tèmi ni. Lẹ́yìn tó mí kanlẹ̀, mo bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi í ṣáájú: "Ọmọńlé inú fídíò yẹn, àwọ̀ wo ló ní?" Kò mọ̀. Kò wò ó rí. Bàbá Ìbejì ló ń bá a di fóònù mú, òun fúnra rẹ̀ tẹjú mọ́ igun fóònù níbi tí aago wà, ó sì ń ka Sáàmù 91 nínú ọkàn rẹ̀ títí fídíò fi parí. Asà ni à ń pe irú nǹkan báyìí lẹ́nu iṣẹ́ wa: ohun kékeré tí ẹni tó ń bẹ̀rù ń ṣe láti dá ààbò bo ara rẹ̀ láàárín ìfojúkojú. Ẹni náà dúró, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti sá lọ. Ara sì ń fi ìgbàlà náà sọrí asà, kì í sọ ọ́ sórí ohun tó rí. Nọ́ńbà tó bá ń já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, tí kò sì bá ẹni náà dé orí igi tó kàn, asà wà níbì kan.

Ọ̀rọ̀ Sáàmù gba ọgbọ́n. N kò lè sọ fún ẹni tó nígbàgbọ́ pé kó má gbàdúrà, kò sì tọ́ sí mi. Mo ní kó gbàdúrà kó tó jáde nílé, kó sì dúpẹ́ nígbà tó bá padà, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú tí a bá fi wà nídìí ike, kó fi ojú wò ó, kó sì máa sọ ohun tó ń rí fún mi. Ó gbà kíá. Ó ní pásítọ̀ òun náà kì í gbàdúrà nígbà tó bá ń wakọ̀.

N kò sì jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ náà lórí 95. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, ìtura tó bá rí lójú ọ̀nà ni yóò fìdí ìbẹ̀rù náà múlẹ̀ sí i. A gbé ike náà lọ sí òpin kọ́rídọ̀, ní bíi mítà 12, a sì fi aṣọ bo ìdajì rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 55. Ó dúró fún ìṣẹ́jú 25, ó ń sọ fún mi pé ìrù rẹ̀ gùn ju bí òun ṣe rò lọ, pé ikùn rẹ̀ funfun. Nígbà tó ń lọ, 35 ni.

Láti ìgbà náà, a yí ọ̀nà padà. Kó tó gun igi kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ ohun tó dá a lójú pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ló máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìpàdé karùn-ún, pẹ̀lú ike lórí tábìlì, ó kọ pé: "Yóò fò bá mi. N kò ní lè mí." Ìṣẹ́jú 10 kò tíì pé tí wọ́n mú iná lọ. Ọ́fíìsì ṣókùnkùn, jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn. Èmi fúnra mi dákẹ́, mò ń ronú bóyá kí n tan fóònù. N kò tàn án. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn: "Dókítà, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà. Ó ní, "Òun náà wà níbẹ̀." Bíi ìṣẹ́jú 4 ni iná fi lọ. Nígbà tó dé, ó wo ike, ọmọńlé kò kúrò lójú kan. Sí ìwé, ó kọ: "Kò fò. Mo mí." Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ 50 nígbà náà, èyí kò sì bà mí nínú jẹ́. Kì í ṣe dandan kí ẹ̀rù pa rẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ohun tí mò ń wá ni kí ohun tó ń retí àti ohun tó rí má bára mu.

Bàbá Ìbejì ni mo ní láti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú igi ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà ro mí lọ́kàn, torí ìfẹ́ ló fi ń gbá igun yàrá kiri fún ọdún 9. Mo sọ fún un pé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni asà tó tóbi jù nínú ilé. Ó ní, "Ṣé kí n wá dúró máa wò ó kó máa pariwo ni?" Àdéhùn wa ni pé kó dín in kù: ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan; ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ìyàwó rẹ̀ wo tirẹ̀; lẹ́yìn náà, kó jókòó sí pálọ̀. Oògùn ẹ̀fọn dópin lọ́jọ́ kan náà.

Ìbéèrè kan wà tí Ìyá Ìbejì ń bi mi lójoojúmọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù: "Ṣé ẹ lè fi dá mi lójú pé kò ní já lù mí?" N kò fi dá a lójú. Ọmọńlé máa ń já nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ń jà tàbí tí wọ́n bá ń lé kòkòrò. Ẹni tó bá ṣèlérí pé kò ní já ti kan igi jíjẹrà mọ́ àkàsọ̀. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún alẹ́ 14, láti agogo 7 dé agogo 8 àbọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́ 4 àkọ́kọ́ nìkan. Ní alẹ́ kọkànlá, méjì ń lé ara wọn lórí àjà, ọ̀kan já lulẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, sórí àǹkárá oníbàárà, ìwọ̀n apá kan sí i. Ó pariwo, ó sì jáde síta. Aládùúgbò tó ń din àkàrà bi í pé kí ló dé. Ó ní òun dúró lójúde fún bíi ìṣẹ́jú kan, òun sì rántí pé òun kò tíì pa síwíìṣì áyọ̀ọ̀nù. Ó padà wọlé. Ọmọńlé ti lọ, ó fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀, ìrù náà sì ń jó lórí aṣọ. Ó fi pépà gbé e jáde, ó sì rán aṣọ dé agogo 8 àbọ̀.

Ohun tó kọ sínú ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ó já. Mo pariwo. Mo padà."

N kò mọ ìpàdé tí mo lè ṣe lọ́fíìsì tí ì bá kọ́ ọ ní ohun tí alẹ́ yẹn kọ́ ọ.

Mo fẹ́ parí ìtọ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe àṣìṣe kejì. Nígbà Àjíǹde, wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó pè mí ní agogo 9 alẹ́ láti inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sójúde ìyá ọkọ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ti padà di 80. Ó ń sunkún pé iṣẹ́ gbogbo ti dòfo. Kò dòfo. Ẹ̀kọ́ tuntun tí ara kọ́ kì í pa èyí àtijọ́ rẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí, ó sì máa ń so mọ́ ibi tí a ti kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì nìkan la ti ṣe é. Ilé alájà gíga tí iná rẹ̀ ṣú, ara rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n ti rán an lọ sí ilé mẹ́ta mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣáájú. Lórí fóònù, a sọ àkàsọ̀ náà di kékeré: ìṣẹ́jú 15 lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, lẹ́yìn náà lórí àga, lẹ́yìn náà nínú yàrá pẹ̀lú iná. Pálọ̀ ló sùn ní alẹ́ kìíní, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ní alẹ́ kejì, ó sun yàrá.

Oṣù 6 lẹ́yìn náà ni mo rí i kẹ́yìn. Kò fẹ́ràn ọmọńlé, kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láé. Bí ọ̀kan bá kọjá lókè orí rẹ̀, ó máa ń tó 25, ó sì máa ń gbọ́n ọrùn bùbá rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Agogo 9 alẹ́ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì máa ń nàka sí ògiri pé, "Màámi, ó wà níbẹ̀ o," òun á sì dáhùn pé, "Mo ti rí i," láìgbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ó béèrè bóyá kí òun yọ nẹ́ẹ̀tì tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ó rò pé asà ni. Mo ní kó jọ̀wọ́ fi í síbẹ̀. Ti ẹ̀fọn nìyẹn.